Bí mo ṣe yẹ àlẹ̀mọ́ ṣíńṣín àǹtí mi wò

Àǹtí mi ń dín ṣíńṣín tà ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù kan tó fẹ́ máa gba ọjà lọ́wọ́ wọn dá àpò tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ padà, ó ní àlẹ̀mọ́ ara rẹ̀ kò pé. Inú àǹtí ò dùn. "Kí ló tún kù? Ṣé o rí àyè tí mo tún lè kọ nǹkan sí níbẹ̀ ni?" Lóòótọ́, kò sí àyè. Ọ̀rọ̀ há iwájú àpò náà bí èrò inú dáńfó. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi.

Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò lójú kọ̀ǹpútà, torí pé èèyàn á ti fa lẹ́tà tóbi kó tó mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bó ṣe tóbi gan-an, mo gé e, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò tí ṣíńṣín kún inú rẹ̀. Àpò tó bá kún máa ń wú. Ibi tí wọ́n kọ 250 g sí, létí ọ̀tún, ti yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wá gbé e sórí tábìlì, mo rìn sẹ́yìn bíi ìwọ̀n mítà méjì, mo sì rọra di ojú díẹ̀. Ìràwọ̀ yẹ́lò kan ni mo kọ́kọ́ rí, tó ń kígbe pé bọ́tà gidi ni wọ́n fi ṣe é. Nọ́ńbà fóònù ló tẹ̀ lé e, kí n tó rí orúkọ tí àǹtí sọ ọjà wọn. Pé ṣíńṣín ni ohun tó wà nínú àpò, mi ò rí i níbì kankan.

Mo mú bírò pupa, mo fà á sábẹ́ ohun tí òfin ní kó wà níbẹ̀. Mo fi dúdú yí ọ̀rọ̀ ìpolówó ká. Dúdú ló gba ojú àlẹ̀mọ́ náà tán, pupa ò ju mẹ́ta lọ. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìpolówó ló bo ohun tó kù mọ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ oúnjẹ. Orúkọ ìtajà ò lè dípò rẹ̀. Torí pé kì í ṣe gbogbo ará Ìlú Ọba ló mọ ṣíńṣín, mo fi kún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìyẹ̀fun aládùn tí wọ́n dín ni. Orúkọ yìí àti ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú á ti rí wọn pọ̀ láìyí àpò. Fún 250 g, nọ́ńbà ìwọ̀n gbọ́dọ̀ ga tó mìlímítà 4. Tiwọn ò ju 2 lọ. Ìkejì ni àdírẹ́sì. Nọ́ńbà fóònù nìkan ló wà, bẹ́ẹ̀ òfin fẹ́ orúkọ oníṣòwò àti àdírẹ́sì rẹ̀ níbí.

Ibi tó gbà mí lákòókò jù ni èròjà. Fúláwà, ṣúgà, mílíìkì, ẹyin, "bọ́tà", nọ́tímẹ́ẹ̀gì ni wọ́n kọ. Mo ní kí àǹtí gbé bọ́tà náà wá kí n rí i. Màjarín ni! Ìràwọ̀ yẹ́lò ń purọ́ láìmọ̀. Màjarín yìí náà ní èròjà tirẹ̀ lára ike: òróró, omi, àti nǹkan kan láti ara sóyà. Wọ́n ní láti tò wọ́n sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, torí pé sóyà wà lára nǹkan 14 tí òfin ní kí wọ́n mú hàn kedere nítorí àwọn tí ara wọn ò gbà á. Mo fi lẹ́tà tó ki kọ àlìkámà, mílíìkì, ẹyin àti sóyà. Àǹtí ní kí n ki nọ́tímẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú, nítorí pé "nut" wà nínú orúkọ ẹ̀ lẹ́nu òyìnbó. Kóró èso ni, kò sí lára 14 náà. Mo fi í sílẹ̀. Ohun tó wọ abọ́ pọ̀ jù nígbà pípò ló ń ṣáájú, nítorí náà a gbé òṣùwọ̀n jáde, a wọn gbogbo rẹ̀. Mílíìkì tó wà ní ipò kẹta bọ́ sẹ́yìn ẹyin àti màjarín.

Lẹ́tà èròjà wọn kéré jù. Lẹ́tà x kékeré ni wọ́n ń wọ̀n, kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 1.2. Kí àyè lè gbà á, ìràwọ̀ àti gbólóhùn ìpolówó ní láti lọ. Ìwọ̀n lẹ́tà mẹ́ta péré ni mo lò: ńlá fún orúkọ ọjà, èyí tó tẹ̀ lé e fún orúkọ oúnjẹ àti 250 g, kékeré fún ìyókù.

Àǹtí wò ó títí. "Ó dà bí ẹni pé kò lówó lọ́wọ́." Mo fi tuntun àti àtijọ́ síwájú ọmọ wọn, mo bi í léèrè ohun tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ti tuntun nìkan ló dáhùn kíákíá.

Ó ku déètì. Ojú ibi tí wọ́n fi iná lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, ó sì máa ń wú, òróró á pa á rẹ́. A gbé e lọ sẹ́yìn àpò, mo sì kọ ọ́ síwájú pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn.