Aṣọ Ìjókòó Àga Ìjẹun Tó Wọ́, Tó sì Ń Ṣe Bí Ìgbì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Súrùlérè ni mo ń gbé. Èmi fúnra mi ni mo pààrọ̀ fóòmù àti aṣọ ìjókòó àga ìjẹun wa mẹ́fà. Ìlà ara aṣọ náà tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, etí iwájú sì ń ṣe bí ìgbì, ó ń wọ inú níbi tí pínnì kọ̀ọ̀kan wà. Bí mo ṣe ń fà á sí i ni ó ń burú sí i.

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkàn ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe agbára yín ni kò tó. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ yìí sábà máa ń kan ẹ̀gbẹ́ kan tán láti igun dé igun, kí ó tó yí àga sí òdìkejì láti fà á. Nígbà tó bá fi máa dé igun tó gbẹ̀yìn, gbogbo aṣọ ti sún lọ sí ìhà kan, ìlà ara rẹ̀ sì ti bá a lọ. Ìgbì etí iwájú ní tirẹ̀ wá láti inú fífi ìka méjì fa aṣọ ní ojú kan ṣoṣo, tí ẹ sì kan pínnì síbẹ̀: ojú ibẹ̀ nìkan ni ó le, àárín pínnì kan sí èkejì sì dẹ̀.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ gbogbo pínnì náà. Ẹ ki ẹnu sukudiráfà pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ wá fi púláyà fà á yọ, nítorí pé bí ẹ bá ń fi sukudiráfà nìkan tú u, yóò fa aṣọ ya.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó, kí ẹ sì ṣe bákan náà sí ẹ̀yìn aṣọ, ní títẹ̀lé ìlà òwú rẹ̀. Ẹ dojú aṣọ dé orí tábìlì tó mọ́, ẹ gbé fóòmù lé e, ẹ gbé pátákó lé fóòmù, kí àmì sì kojú àmì. Ẹ kan pínnì kan sí àárín ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ kan tẹ pátákó mọ́lẹ̀, kí ẹ fi èkejì fa aṣọ iwájú títí etí fóòmù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ róbótó. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró, ẹ kan ẹyọ kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Ó yẹ kí ẹ dẹ ìbọn pínnì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ fún àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí, kí ẹsẹ̀ pínnì kan má wọlé tán, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹ tún yọ wọ́n.

Ẹ dojú àga sókè wàyí, kí ẹ wò ó. Bí ìlà bá ti tọ́ láti àárín ẹ̀yìn dé àárín iwájú, kò tún ní wọ́ mọ́ bí ẹ bá ń ti àárín lọ sí igun, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan ní òdìkejì. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi nu aṣọ láti orí fóòmù wá sí etí, kí gbogbo ojú rẹ̀ lè bá ara wọn le. Ẹ jẹ́ kí pínnì dùbúlẹ̀ bí etí pátákó ṣe lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lè di fọ́nrán púpọ̀ mú, kí àlàfo àárín wọn má sì ju íńṣì kan lọ. Ẹ dúró nígbà tí ó bá ku nǹkan bí íńṣì méjì sí igun.

Igun ló máa ń gbẹ̀yìn. Ẹ fa ṣóńṣó aṣọ ibẹ̀ tààrà sí ìhà àárín pátákó, kí ẹ kàn án. Etí méjì yóò kù, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ẹ gé aṣọ tó bá pọ̀ jù kúrò nínú ìṣẹ́po wọn, kí ẹ tó ṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀, kí ojú ìṣẹ́po igun iwájú sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ àga, kí ẹni tó bá kojú tábìlì má baà rí i.

Bí aṣọ yín bá ti kúrú jù tí ọwọ́ kò rí nǹkan dì mú, kò sí ọgbọ́n kankan. Ẹ ra òmíràn. Fún ìjókòó íńṣì 18 sí 18, tí fóòmù jẹ́ íńṣì 2, tí pátákó jẹ́ ìdajì íńṣì, tí ẹ sì fẹ́ íńṣì kan àbọ̀ lábẹ́, ẹ ó gé íńṣì 26 sí 26. Aṣọ àga tó fẹ̀ ní íńṣì 54 yóò gba méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí náà íńṣì 78 ni àga mẹ́fà yóò jẹ. Ẹ sọ fún oníṣọ̀ọ́bù ní Mushin pé yáàdì méjì àti ìdá mẹ́rin ni ẹ fẹ́. Bí ó bá jẹ́ àrán, ẹ jẹ́ kí irun rẹ̀ kọ sí ọ̀nà kan náà lórí gbogbo wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ wọn kò ní jọra.

Ìbéèrè: Ìlà ti tọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n pínnì kan dúró sókè, òmíràn sì tú jáde lọ́jọ́ kejì. Ṣé kí n ra èyí tó gùn jù?

Ìdáhùn: Rárá o. Pínnì ẹlẹ́sẹ̀ mìlímítà 8 tàbí 10 tó fún pátákó mìlímítà 12. Èyí tó bá gùn ju pátákó lọ lè yọ sínú fóòmù lókè, ẹni tó bá jókòó ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀. Èyí tó dúró sókè jẹ́ pé ìbọn ta padà ní ọwọ́ yín: ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yìn ín, kí ẹ sì fi òòlù lu àwọn tó ṣẹ́ kù wọlé.

Èyí tó tú jáde ni ó yẹ kí ẹ fura sí. Wọ́n gbé àga kan wá bá mi láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí omi òjò ti wọ yàrá. Pínnì kò dúró lára rẹ̀. Èmi náà sáré lọ ra èyí tó gùn, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí àga náà fi padà wá. Nígbà tí mo ti ẹnu sukudiráfà bọ etí pátákó náà, ó wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè: gọ́ọ̀mù tó so ìpele rẹ̀ pọ̀ ti jẹ́ omi, wọ́n sì ti là kúrò lára ara wọn. Ẹ dán tiyín wò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wọlé, ẹ fi pátákó àtijọ́ ya àwòrán sórí tuntun, kí ẹ sàmì sí ojú ihò sukúrúù pẹ̀lú, kí ẹ tó gé e.

Ìbéèrè: Méjì nínú wọn kò wọ inú férémù mọ́. Ṣé kí n fi òòlù gbá wọn wọlé?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá gbá wọn, oríkèé férémù ni yóò là. Ẹ wò ó bóyá aṣọ àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ tuntun, nítorí pé aṣọ méjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń gba àyè ju bí ojú ṣe rò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo fóòmù. Ìjókòó tó ń gorí férémù lè ní fóòmù tó yọ kọjá pátákó díẹ̀, kí etí rẹ̀ lè rọ̀. Èyí tó ń wọ inú férémù gbọ́dọ̀ ní fóòmù tó bá pátákó dọ́gba. Bí gbogbo èyí bá ti tọ́ tí kò sì wọlé, ẹ tú aṣọ ẹ̀gbẹ́ tó há, kí ẹ fi fáìlì igi ha nǹkan bíi mìlímítà 2 kúrò lára pátákó, kí ẹ tó kàn án padà. Ẹ gbé pátákó náà sínú férémù lófìfo kí ẹ tó kàn án: ó yẹ kí ó máa mì díẹ̀ nínú rẹ̀, torí àyè tó ń mì yẹn ni aṣọ yóò gbà.