Bí mo ṣe ya máàpù ibi tí òkè ti lè ya ní Frítáùn

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún ọdún 2017, ara òkè Ṣúgà Lófù ya lulẹ̀ sórí àdúgbò Ríjẹ́ǹtì ní Frítáùn, olú-ìlú Siẹrra Léónì. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Òjò tó rọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ títí di ọjọ́ náà tó nǹkan bí 1,040 mílímítà, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta èyí tó máa ń rọ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, irú àpáta àti òjò lè fi ibi mìíràn tó lè ya ní ilẹ̀ olókè yẹn hàn, mo sì fi lọjísítíìkì rìgíréṣọ̀n, ọ̀nà ìṣirò tó ń díwọ̀n bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀, wá a.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣírò, láti inú ìpele gíga ilẹ̀ SRTM, tí ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 30. Oṣù Èrèlé ọdún 2000 ni wọ́n wọ̀n ọ́n, àǹfààní sì ni pé ó ti pẹ́, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ń wá ni ti ilẹ̀ kí ó tó ya, kì í ṣe ti ojú ọgbẹ́ tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Mo yí ìpele náà sí EPSG:32628, ètò máàpù tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, nínú QGIS kí n tó ṣírò, torí pé bí gíga bá wà ní mítà tí ìbú sì wà ní dígírì, gbogbo ilẹ̀ ni yóò jọ ògiri tó dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ni mo wá ojú ọgbẹ́ nínú àwòrán àtijọ́ ti Google Earth, mo sì fi àmì kan ṣoṣo sí orí ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ já. Bí a bá fi àmì sí ibi tí ẹrẹ̀ wọ́ dé lẹ́bàá odò, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ la ó máa pè ní eléwu. Mo tún mú àwọn ibi tí ilẹ̀ kò ti ya, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò: `ya` ń sọ bóyá ilẹ̀ ya tàbí kò ya, `slope` ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, `geol` ni irú àpáta, `rain` sì ni òjò.

```r
m <- glm(ya ~ slope + geol + rain,
         family = binomial, data = d)
```

Ká ní kòẹfíṣẹ́ǹtì `slope` jẹ́ 0.1 fún dígírì kan. Bí ilẹ̀ bá fi dígírì 10 dà ju òmíràn lọ, ìfiwéra yíya rẹ̀ sí àìya rẹ̀ yóò di ìlọ́po 2.7, ìyẹn e tí a gbé sí agbára 1.

Irú àpáta ló fún mi níṣẹ́ jù. Gábúrò ni òkè Frítáùn, iyanrìn àti amọ̀ Búlọ́mù ló sì wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ kankan nínú àkójọ mi tó bọ́ sórí Búlọ́mù, nítorí náà kòẹfíṣẹ́ǹtì rẹ̀ ń sáré lọ sísàlẹ̀ láìní ibi tí yóò dúró sí, àṣìṣe ìdíwọ̀n rẹ̀ sì tóbi kọjá ohun tí ènìyàn lè gbà gbọ́. R fúnra rẹ̀ kìlọ̀ báyìí:

```
glm.fit: fitted probabilities numerically 0 or 1 occurred
```

Ẹlòmíràn yóò lo `logistf`, tó ń fi ìjánu sí kòẹfíṣẹ́ǹtì, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi yọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ tó tẹ́ kì í ya? AUC ni òṣùwọ̀n tó ń sọ iye ìgbà tí máàpù fi ibi tó ya ṣáájú ibi tí kò ya, bí a bá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo yọ pẹ̀tẹ́lẹ̀, èyí tó lọ sílẹ̀ yẹn ni mo sì gbà. Ṣùgbọ́n gábúrò nìkan ló ṣẹ́ kù báyìí, ìpele àpáta kò sì lè yà ibì kan sọ́tọ̀ mọ́. Orúkọ àpáta tó wà nísàlẹ̀ ni máàpù àpáta ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni erùpẹ̀ pupa tí gábúrò jẹrà dà, tó bo òkè, ló sábà máa ń ya. Ìjìnlẹ̀ erùpẹ̀ yẹn ló yẹ kí a wọ̀n.

Òjò ní ìṣòro tirẹ̀. Inú CHIRPS, àkójọ òjò tí wọ́n fi sátẹ́láìtì àti òṣùwọ̀n òjò orí ilẹ̀ ṣe, ni mo ti mú un. Ẹyọ rẹ̀ kan fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 5.5, ó sì gba ẹyọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lé ní 30,000. Gbogbo ọgbẹ́ tó wà ní agbègbè kan ló ní iye òjò kan náà, nítorí náà òjò di àdírẹ́sì lásán: ohun tó ń sọ kò ju pé ibí yìí ni Ríjẹ́ǹtì. Bí a bá yọ àwọn àmì kan fún ìdánwò láìwo ibi tí wọ́n wà, a kò ní rí i, torí aládùúgbò wọn ti wà nínú ẹ̀kọ́. Mo pín ilẹ̀ olókè sí ẹkùn, mo ń yọ ẹkùn kan lódindi, mo sì ń fi ìyókù sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n àmì kòẹfíṣẹ́ǹtì òjò ń yí padà láti ẹkùn dé ẹkùn, ni mo bá yọ ọ́. Kò túmọ̀ sí pé òjò kò dá kún un ní ọdún 2017. Òjò ló ń sọ ọjọ́ tí òkè yóò ya, ìpele tó gbòòrò báyìí kò sì lè sọ ibi tí yóò ti ya.

Èyí tó kù ni àlàyé ẹ̀gbẹ́ máàpù. Èmi ni mo yan iye ibi tí kò ya tí mo mú, iye yẹn ló sì ń gbé òǹkà àkọ́kọ́ nínú ìdọ́gba sókè tàbí sísàlẹ̀, láìfọwọ́ kan kòẹfíṣẹ́ǹtì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nítorí náà 0.7 lórí máàpù mi kò túmọ̀ sí ìdá 70 nínú 100. Mo yọ àwọn nọ́ńbà kúrò, mo pín ilẹ̀ sí ìpele márùn-ún láti èyí tí ewu rẹ̀ kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ni a fi ṣe é, àti pé kò mọ ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òkè láti kọ́lé.