Ẹ ṣa tòmátì kí ẹ tó kó o sí fíríìjì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da gbogbo tòmátì pọ̀ sínú fíríìjì. Ẹ kọ́kọ́ ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí kò tíì pọ́n ṣì máa ń ní àwọ̀ ewé, pàápàá níbi tí wọ́n ti já a lára igi. Awọ rẹ̀ le, kì í tẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Fíríìjì ló máa ń ba èyí jẹ́ jù, torí bí òtútù bá ti mú un pẹ́, kì í pọ́n dáadáa mọ́, kódà bí ẹ bá mú un jáde. Orí tábìlì ni kí ẹ tò ó sí, níbi tí oòrùn kò dé, kí ibi tí wọ́n ti já a dojú kọ ilẹ̀, kí omi ara rẹ̀ má baà tètè gbẹ. Èyí tó pupa yíká, tí awọ rẹ̀ ń dán, tó sì tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka, ti tó lò. Bí ẹ kò bá ní lò ó láàárín ọjọ́ 2 sí 3, òun gan-an ni kó wọ fíríìjì. Èyí tí awọ rẹ̀ ti hunjọ, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ tètè yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń mú wọn yára pọ́n. Ẹ sè é lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ sí fírísà. Ṣùgbọ́n bó bá ti bu, ẹ dà á nù. Àwọn oríṣi kan wà tí kì í pupa rárá bí wọ́n bá pọ́n. Ìka ni kí ẹ fi mọ tiwọn.