Àwọn àṣìṣe tó ń ba ohùn àpèjúwe jẹ́ nínú fídíò Yorùbá

Ní Abẹ́òkúta níbí, owó sítúdíò ló ń ṣòfò jù lórí iṣẹ́ ohùn àpèjúwe, ìyẹn ohùn tó ń sọ ohun tó wà nínú àwòrán fún ẹni tí kò ríran. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á sanwó wákàtí mẹ́ta sílẹ̀, á mú òǹkàwé wọlé, ìgbà yẹn ni yóò tó rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun kọ kò wọ inú àyè tí fídíò fi sílẹ̀. Á wá máa gé ọ̀rọ̀ kù níwájú máìkì, aago ń sáré, ó ń rẹ òǹkàwé, ohùn tí wọ́n gbà ní ìparí kò sì bá ti ìbẹ̀rẹ̀ mu mọ́. Ó ń bí wa nínú, nítorí pé wíwọn ọ̀rọ̀ nílé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò kan ṣe àpẹẹrẹ: ìṣẹ́jú 4 péré, ní ìsọ̀ aláró kan ní Ìtòkú. Ìyá aláró ń kọ́ ọmọbìnrin kan bí wọ́n ṣe ń pa àdìrẹ ẹlẹ́kọ láró. Ẹ máa fi fídíò yìí sọ́kàn, òun la ó máa padà sí.

Àṣìṣe kìíní: kíkọ ọ̀rọ̀ kí a tó wọn àyè

Ẹ kọ́kọ́ wo fídíò náà tán, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé yín ka ìwé kan fún ìṣẹ́jú kan, bí yóò ṣe kà á gan-an, kí ẹ ka iye sílébù tó pè. Sílébù ni kí ẹ kà, ẹ má ka ọ̀rọ̀, torí pé "ó" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, "aláǹgbá" náà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, wọn kì í sì í gba àkókò kan náà lẹ́nu. Bí òǹkàwé bá pe 300 sílébù ní ìṣẹ́jú kan, 5 ló ń pè ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nínú fídíò wa, àyè kan wà láti 1:12 sí 1:18. Ìṣẹ́jú àáyá 6 nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má lo gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ níwájú, kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ku 5, ìyẹn 25 sílébù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé aṣọ jáde nínú aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé, atẹ́gùn kàn án, ó sì ń yí padà. A lè kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí:

"Aṣọ aláwọ̀ ewé jáde nínú ìkòkò aró, díẹ̀díẹ̀, ó ń di àwọ̀ aró."

Ẹ kà á: 27. Ó fi méjì lé. Ẹ yọ "aró" tó tẹ̀lé "ìkòkò" kúrò, ó di 25 géérégé. Ẹni tó ń gbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìkòkò aró ni, kò pàdánù nǹkan kan, ọ̀rọ̀ "aró" tó gbẹ̀yìn sì wá dún ketekete. Irú gígé yìí, orí tábìlì ilé ni ibi rẹ̀.

Ìkejì: "wọ́n" àti "ó"

Èyí ló ń dùn wá jù, nítorí pé àṣìṣe tó wá láti inú èdè wa fúnra rẹ̀ ni, ẹni tó bá sì ń wo àwòrán kò lè fura sí i láéláé.

"Ó" wa kò yan ọkùnrin, kò yan obìnrin, kò yan ènìyàn tàbí nǹkan. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ojú ń bá etí ṣe é. Nínú ohùn àpèjúwe, kò sí ojú tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí bí ẹni tí kò ríran yóò ṣe gbọ́ ọ: "Ó gbé e, ó wò ó, ó sì jù ú sílẹ̀." Ta ló gbé kí ni? Ṣé ọmọbìnrin ló wo aṣọ ni àbí ó wo ìyá aláró? Ṣé igbá ló jù sílẹ̀ ni?

"Wọ́n" ló tún wá burú jù. Àgbàlagbà ni ìyá aláró, ọmọ Ẹ̀gbá rere kò sì ní pè é ní "ó", nítorí náà òǹkọ̀wé kọ ọ́ pé: "Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àpótí." Ẹni tó ń fi etí wòran gbọ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé. Fún ìṣẹ́jú kan gbáko, yóò máa retí kí àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá fi máa yé e pé ẹnì kan péré ni, ó ti pàdánù ohun mẹ́ta mìíràn.

Àwọn kan gbìyànjú láti tún un ṣe, wọ́n sọ "wọ́n" di "ó" jálẹ̀jálẹ̀. Àṣìṣe mìíràn nìyẹn. "Ó jókòó" fún ìyá àgbà máa ń gún etí, àgbàlagbà tó ń gbọ́ fídíò náà yóò sì rò pé ọmọdé kan ló jókòó. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú "wọ́n" jẹ́ ara ìròyìn: ó ń sọ ọjọ́ orí ẹni tí a ń wò.

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí a tún orúkọ pè. "Ìyá aláró wọlé. Ìyá aláró jókòó sórí àpótí." Lórí ìwé, ó dà bí àtúnsọ; ní etí, kò dà bẹ́ẹ̀ rárá, torí pé omi, ìkòkò àti ọ̀rọ̀ èèyàn wà láàárín méjèèjì. Ẹ lè lo "wọ́n" lẹ́yìn tí ẹ bá ti dárúkọ ẹni náà, tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú àwòrán. Bí ẹlòmíràn bá ti yọjú báyìí, ẹ padà sí orúkọ. Ẹ yan orúkọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà: bí ẹ bá pè é ní "ìyá aláró" níbí, tí ẹ wá pè é ní "màmá" níwájú, ẹ ti dá ẹnì kejì sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé yín mọ́, ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo "ó", "wọ́n", "rẹ̀", "wọn" àti "é" tó wà níbẹ̀. Ẹ nawọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé ta ni. Bí ìdáhùn bá wà nínú àwòrán nìkan, ẹ fi orúkọ rọ́pò rẹ̀.

Ìkẹta: fífi ọ̀rọ̀ "báyìí" sílẹ̀ láìdáhùn

Nínú fídíò ìkọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn ló ń fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn. Ìyá aláró ní: "Fi ìyẹ́ fà á báyìí. Má jẹ́ kó dé ibí." Ibi gbogbo tí ẹ bá ti gbọ́ "báyìí", "ibí", "èyí" tàbí "wò ó", ihò ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò ríran, òun ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dí. Àwọn kan á fi àyè náà ṣàpèjúwe àwọ̀ ìró ìyá aláró, wọ́n á sì fi ọwọ́ tó ń fa ẹ̀kọ láti igun aṣọ dé àárín sílẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ fídíò yìí fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni.

Bí àyè kò bá tó rárá, ẹ lè dá àwòrán dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí òǹkàwé sọ̀rọ̀ tán, kí fídíò tó máa lọ. WCAG, ìlànà àgbáyé tó ń mú kí ohun orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣeé lò fún àwọn abirùn, fàyè gba èyí ní abala 1.2.7. Ó dára fún fídíò ìkọ́ṣẹ́. Nínú eré, ó máa ń já ìtàn.

Ẹ má sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ má sọ pé "inú ọmọbìnrin náà bàjẹ́". Ẹ sọ pé ó fi ọwọ́ lérán, kí ẹni tó ń gbọ́ mọ èyí tó kù.

Ẹ má sọ̀rọ̀ lórí gángan tó ń ki oríkì. Ọ̀rọ̀ ni ìlù yẹn ń sọ, ẹni tí kò ríran sì ń gbọ́ ọ yékéyéké.

Nọ́ńbà fóònù tàbí orúkọ tí a kọ sójú fídíò gbọ́dọ̀ di kíkà síta, nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwé tí kò ní àmì ohùn náà tún wà níbẹ̀. Òǹkàwé bá "igba" nínú ìwé, ó pe "ìgbà", nígbà tó jẹ́ pé igbá ẹ̀kọ ni wọ́n gbé. Ẹ tún un gbà, owó lọ. Ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Rírẹ ohùn àtilẹ̀wá sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ máa ń fi ọwọ́ fa ohùn orin wálẹ̀, kó wá lọ sílẹ̀ lójijì bí ìgbà tí iná bá lọ. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà fún àtúnṣe ohùn, iṣẹ́ Auto Duck ni láti fa ohùn náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ohùn fídíò sí ìlà òkè, kí ẹ fi ohùn àpèjúwe sí ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, ẹ yan ti òkè, kí ẹ tó lo Auto Duck. Bí ti ìsàlẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́.

Iye tí ẹ máa bá níbẹ̀ fún ìrẹ̀sílẹ̀ ni -12 dB. Ó dára fún orin. Fún omi aró tó ń kán, ó ti pọ̀ jù. -6 dB tó, kí omi náà má baà pòórá. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ohùn fi ń rẹlẹ̀ kí àpèjúwe tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀ níwájú: bí ẹ bá fún òǹkàwé lọ́rọ̀ mọ́ ẹnu ìyá aláró, òpin ọ̀rọ̀ ìyá ni yóò rẹlẹ̀. Bí orin bá ń lọ sókè sódò láàárín gbólóhùn méjì, ẹ gbé Maximum pause láti 1 sí 2.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ohùn méjèèjì pọ̀ sí `apapo.wav`, ẹ fi ètò ffmpeg dá a padà sínú fídíò láìfọwọ́ kan àwòrán, pẹ̀lú àṣẹ yìí:

```
ffmpeg -i adire.mp4 -i apapo.wav -map 0:v -map 1:a -c:v copy -c:a aac adire_apejuwe.mp4
```

Fáìlì kan, ohùn méjì

Àwọn tó mọ iṣẹ́ díẹ̀ máa ń fi ohùn àpèjúwe sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ohùn kejì, kí olùwòran yan èyí tó wù ú. Lórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí Wásáàpù ni fídíò yìí ń lọ, ohùn kan ṣoṣo ló sì máa jáde níbẹ̀, ìyẹn èyí tí kò ní àpèjúwe. Gbogbo iṣẹ́ di asán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ ṣe fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹni tí kò ríran, tí kò sì tíì gbọ́ fídíò náà rí, kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bi í bóyá ó dùn. Ẹ ní kó sọ fún yín ẹni mélòó ló wà níbẹ̀, ohun tí ìyẹ́ ń ṣe, àti àwọ̀ tí aṣọ ní nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Bó bá sọ pé ẹni mẹ́ta, ẹ padà lọ wá "wọ́n" tó ṣẹ́kù nínú ìwé yín.

Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ fídíò pé èyí ni ẹ̀dà tó ní ohùn àpèjúwe, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pẹ̀lú, nítorí pé ohùn tó ń ka fóònù fún ẹni tí kò ríran lè ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà lè ka èyí tí ẹ kọ sójú àwòrán.