Bí A Ṣe Ń Dá Iye Lé Ọ́pṣọ̀n Kọ́ọ̀lù: Igi Onípele Kan àti Onípele Méjì

Ẹni tó bá ra ọ́pṣọ̀n kọ́ọ̀lù ti ra ẹ̀tọ́ kan: ó lè ra ṣíà ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí lónìí, bó ti wù kí ṣíà náà gbówó lórí tó nígbà tó bá yá. Bí ọjà bá já wálẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi dandan mú un rà. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti Yúróòpù, ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n máa ń lò ó. Kì í ṣe Yúróòpù nìkan ni wọ́n ti ń tà á o: SPX tí wọ́n ń tà ní Ṣikágò, tó dúró lórí àtòjọ S&P 500, irú yìí ni.

Èló ló yẹ kéèyàn san lónìí fún irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí a máa gbà dáhùn ni èyí tí John Cox, Stephen Ross àti Mark Rubinstein gbé jáde lọ́dún 1979.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣíà kan tó ń lọ ní $100 lónìí. A gbà pé nígbà tí ọdún bá yípo, ohun méjì péré ló lè ṣẹlẹ̀: kó di $120, tàbí kó di $80; ọ̀nà tó pẹ̀ka sí méjì báyìí là ń pè ní igi. Èlé báǹkì jẹ́ 4% lọ́dún, ì báà jẹ́ pé a yáwó ni tàbí a fi owó pamọ́. Ẹ̀tọ́ wa ni láti ra ṣíà náà ní $100 lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí

Ẹ kọ ohun tí ọ́pṣọ̀n náà máa jẹ́ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bí ṣíà bá di $120, a ó rà á ní $100, a ó tà á ní $120, $20 ti wọlé nìyẹn. Bó bá di $80, ẹnikẹ́ni kò ní í lọ san $100 fún un, nítorí náà òdo ni. Ẹ má ṣe kọ −20 síbẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ kò jẹ gbèsè kankan.

Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀

Ibí ni gbogbo ọgbọ́n náà wà. A fẹ́ fi ṣíà àti owó yíyá ṣe ohun kan tó máa mú $20 wá bí ọjà bá gòkè, tí kò ní í mú nǹkan kan wá bó bá sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá ti mọ iye tó ń náni láti ṣe é, a ti mọ iye ọ́pṣọ̀n náà, gẹ́gẹ́ bí alámọ́ínmọ́ín ṣe ń wo owó ẹ̀wà àti epo kó tó dá iye lé tirẹ̀.

Ṣíà mélòó la máa rà? Láàárín $120 àti $80, ìyàtọ̀ ṣíà jẹ́ $40. Láàárín $20 àti òdo, ìyàtọ̀ ọ́pṣọ̀n jẹ́ $20. Ẹ fi 40 pín 20: ìdajì ṣíà kan ni. Bí ọjà bá sọ̀ kalẹ̀, ìdajì yẹn máa jẹ́ $40, a sì fẹ́ kó ku òdo, torí náà gbèsè wa lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ $40 gẹ́lẹ́. Ẹni tó máa san $40 lọ́dún tó ń bọ̀ lè yá 40 ÷ 1.04 lónìí, ìyẹn $38.46.

Ìdajì ṣíà ń lọ ní $50. Báǹkì fún wa ní $38.46 nínú rẹ̀. Èyí tó jáde lápò wa ni $11.54, òun náà sì ni iye ọ́pṣọ̀n. Ẹ yẹ apá òkè wò: ìdajì $120 jẹ́ $60, a san gbèsè $40, ó ku $20. Ó bá a mu.

Ká wá ní ẹnì kan ń ra ọ́pṣọ̀n yìí ní $13. A ó tà á fún un, a ó yá $38.46, a ó ra ìdajì ṣíà, $1.46 á sì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ọdún bá yípo, yálà ọjà gòkè tàbí ó sọ̀ kalẹ̀, ohun tó wà nílẹ̀ máa tó san gbogbo gbèsè, kò ní í lé, kò ní í dín. Irú èrè ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́jà kí wọ́n tó gbá a dànù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé títí di ìsinsìnyí, a ò tíì béèrè bóyá ọjà máa gòkè. Ẹni tó bá gbà pé ó máa gòkè nígbà 80 nínú 100 lè ṣírò 0.8 × 20 ÷ 1.04, kó sì san $15.38. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ lè tọ̀nà. Síbẹ̀, ó ti fi $3.84 ṣòfò, torí ohun tó rà ṣeé ṣe fúnra ẹni ní $11.54.

Ọ̀nà àbùjá

Kó má di pé à ń ṣe ẹ̀dà nígbà gbogbo, ìṣirò kan wà tó ń mú èsì kan náà wá. Nínú rẹ̀, `u` ni ohun tí a fi ń sọ iye ṣíà di púpọ̀ bó bá gòkè, `d` ni ti ìsọ̀kalẹ̀, `r` ni èlé, `C` ni iye ọ́pṣọ̀n lónìí, `Cu` ni iye rẹ̀ bí ọjà bá gòkè, `Cd` sì ni iye rẹ̀ bó bá sọ̀ kalẹ̀.

```
q = (1 + r - d) / (u - d) = (1.04 - 0.8) / (1.2 - 0.8) = 0.6
C = (q*Cu + (1-q)*Cd) / (1 + r) = (0.6*20 + 0.4*0) / 1.04 = 11.54
```

`q` jọ iye ìgbà tí ọjà máa gòkè, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní irú èrò yẹn lọ́kàn. Òun ni ìwọ̀n tó ń mú kí ṣíà fúnra rẹ̀ mú èrè bíi ti báǹkì wá: 0.6 × 120 + 0.4 × 80 jẹ́ 104. Bí `q` yín bá ju 1 lọ, tàbí tó kéré sí òdo, ẹ dúró. Bí èlé bá jẹ́ 25%, `q` á di 1.125, ohun tó sì ń sọ ni pé báǹkì sàn ju ṣíà lọ nínú ipòkípò. Igi náà kò tọ́ nìyẹn.

Ọdún méjì

Ọ́pṣọ̀n wa wá di ti ọdún méjì, tí iye tí a máa fi ra ṣíà ṣì jẹ́ $100.

```
                144  -> 44
       120
100              96  -> 0
        80
                 64  -> 0
```

Ìgòkè tẹ̀lé ìsọ̀kalẹ̀ àti ìsọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé ìgòkè pàdé ní $96, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka ìparí fi jẹ́ mẹ́ta dípò mẹ́rin. Ẹ̀yìn la ti ń bọ̀ wá síwájú. Ní ojúkò $120: 0.6 × 44 ÷ 1.04 jẹ́ $25.38. Ní $80, òdo ni, torí pé ẹ̀ka méjèèjì tó ti ibẹ̀ yọ kò mówó wá. Lónìí: 0.6 × 25.38 ÷ 1.04 jẹ́ $14.64.

Ẹ̀dà náà kì í dúró sójú kan. Lónìí, a ó ra 0.6346 ṣíà, a ó sì yá $48.82. Bí ọjà bá dé $120, gbèsè á ti di $50.77, a ó sì nílò 44 ÷ 48, ìyẹn 0.9167 ṣíà. Àfikún rẹ̀ máa ná wa ní $33.85, báǹkì náà la ó ti yá a. Gbèsè di $84.62, ṣíà wa di $110, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ $25.38. Kò sí kọ́bọ̀ tó jáde lápò wa láàárín kan. Bí tiyín ò bá dọ́gba báyìí ní ojúkò àárín, àṣìṣe wà nínú igi yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni kí wọ́n pín ọdún kan sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n sì fi 4%, 1.2 àti 0.8 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èlé oṣù mẹ́fà ni √1.04 − 1, ó tó 1.98%. Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kéré sí i. Àwọn Cox lo `u = e^(σ√Δt)` àti `d = 1/u`, níbi tí σ ti dúró fún bí iye ṣíà ṣe ń mì tó lọ́dún, tí Δt sì jẹ́ gígùn ìpele kan tí a fi ọdún kà. Bí σ bá jẹ́ 20%, `u` fún oṣù mẹ́fà jẹ́ 1.1519, `d` jẹ́ 0.8681, `q` sì jẹ́ nǹkan bí 0.53. Bí a bá ń pín in sí wẹ́wẹ́ lọ báyìí, èsì igi náà á máa sún mọ́ ti ìlànà Black àti Scholes ti ọdún 1973. Àmọ́ bí ilé iṣẹ́ náà bá máa pín èrè fún àwọn oníṣíà kí ọ́pṣọ̀n tó parí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ èrè yẹn kúrò nínú iye ṣíà lórí igi náà, torí ẹni tó ni ọ́pṣọ̀n kò ní í rí i gbà.