Bí mo ṣe yan ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tó bá ojú ẹ̀gbọ́n mi mu lórí láptọ́ọ̀pù tuntun

Èdè Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn fúnra wọn ló sì máa ń tẹ ìbéèrè ìdánwò wọn. Ojú láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n rà mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kéré kọjá ohun tí ènìyàn lè kà. Fún ẹni tó ń tẹ Yorùbá, ìyọnu ńlá nìyẹn, nítorí àmì orí lẹ́tà àti àmì abẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pòórá. Wọ́n pè mí: "Wá wò ó, ṣé ọkọ̀ ni mo tẹ̀ síbí ni àbí oko? N ò rí abẹ́ rẹ̀."

Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ojú wọn. Ẹ̀rọ àtijọ́ wọn àti tuntun yìí jọ tóbi bákan náà ni, íǹṣì 15.6 láti igun dé igun. Àmọ́ ẹyọ iná kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì, 1366 ni ti àtijọ́ láti òsì dé ọ̀tún, ti tuntun jẹ́ 3840. Lẹ́tà tó ga ní píkísẹ́lì mẹ́wàá gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá íǹṣì lórí ti àtijọ́. Lórí ti tuntun, píkísẹ́lì mẹ́wàá yẹn kan náà kò ju bí ìdá kan nínú méjìdínlọ́gbọ̀n íǹṣì lọ. Iṣẹ́ ohun tí Windows ń pè ní Scale ni láti fi píkísẹ́lì púpọ̀ sí i ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà ti fi í sí 100%, ìyẹn ni pé kò sí àfikún kankan.

Kí n tó dé, ẹnì kan ti bá wọn dín Display resolution, ìyẹn iye píkísẹ́lì tí Windows ń lò, kù sí 1366 x 768. Lóòótọ́ ọ̀rọ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ó ṣú, bí ìgbà tí omi bá kán sórí ìwé. Ìdí rẹ̀ ni pé 3840 kò ṣeé pín dọ́gba fún 1366: píkísẹ́lì kan ti àtijọ́ á máa wá 2.81 nínú ti tuntun, kò sì sí ìdajì píkísẹ́lì. Ojú kọ̀ǹpútà wá ń po àwọ̀ pọ̀ létí lẹ́tà, àmì abẹ́ ọ sì lẹ̀ mọ́ lẹ́tà náà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ dá a padà sí 3840 x 2160, èyí tí Windows kọ Recommended sí. Ibẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà. Scale nìkan ni a ó máa yí.

Bí a ṣe dá a padà ni ọ̀rọ̀ tún kéré tó fi jẹ́ pé a kò lè ka Settings fúnra rẹ̀. Mo di bọ́tìnnì Windows mú, mo tẹ +, Magnifier sì fẹ ojú kọ̀ǹpútà fún wa títí a fi dé System, lẹ́yìn náà Display. Nígbà tí a parí, Windows pẹ̀lú Esc ni a fi pa á.

Nísinsin yìí, mélòó ni ká yàn? Nítorí pé ojú ẹ̀rọ méjèèjì tóbi bákan náà, ìṣirò rẹ̀ kò le: 3840 tí a bá fi 1366 pín jẹ́ 2.81. Ìyẹn ni pé nǹkan bí 281% ni ọ̀rọ̀ yóò fi rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Àwọn tó wà nínú àkójọ tó súnmọ́ ọn ni 250% àti 300%. Àyè wà láti tẹ 281 fúnra ẹni ní Custom scaling, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn rẹ̀: gbogbo ojú-ìwòran tí a bá so mọ́ ẹ̀rọ náà ni yóò fi nọ́ńbà kan yẹn lé lórí, a sì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú Windows kí a tún wọlé kó tó ṣiṣẹ́.

A dán 300% wò ná. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn sí i, títí wọ́n fi ṣí ètò tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn fi ń ṣe àkọsílẹ̀ máàkì. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣẹ́ kò hàn mọ́, ó ti bọ́ sábẹ́ ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 2160 tí a fi 3 pín jẹ́ 720. Àyè tó kù fún iṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò tó 768 tí ẹ̀rọ àtijọ́ ní, bẹ́ẹ̀ irú ojú ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ṣe ètò náà fún. Ní 250%, àyè jẹ́ 864, bọ́tìnnì náà sì hàn.

Mo wá tẹ ìlà kan tó ní "oko, ọkọ̀, ọkọ́, ẹ̀ṣẹ̀, ẹsẹ̀" sínú Word, ní ìwọ̀n 12, pẹ̀lú Zoom ní 100%. Mo ní kí wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, kí wọ́n má tẹ̀ síwájú. Wọ́n ka gbogbo àmì rẹ̀. Orúkọ fáìlì àti àwọn àkọlé kéékèèké ló ṣì ń fún wọn ní wàhálà díẹ̀, nítorí 250% fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kéré sí ti àtijọ́. Dípò kí n sún gbogbo nǹkan sókè, mo lọ sí Accessibility, mo ṣí Text size, mo fà á sí 110%, mo sì tẹ Apply. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ìyẹn ń fẹ̀, àwọn àwòrán kéékèèké kò kúrò ní ìwọ̀n wọn. 250 lọ́nà 1.1 jẹ́ 275, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 281 tí à ń wá. Kì í ṣe gbogbo ètò ló ń gbọ́ràn sí Text size lẹ́nu ṣá.

Wọ́n bi mí bóyá ọ̀rọ̀ inú ìwé ìdánwò yóò tóbi jù bó bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Rárá o. Scale kò kan bébà. Ìwọ̀n 12 á ṣì jáde ní 12.

Ètò máàkì yẹn tún ṣú ní 250%, bẹ́ẹ̀ Word mọ́ kedere. Ètò àtijọ́ tí kò mọ Scale, Windows á ya á ní kékeré, á wá fẹ̀ ẹ́ bí àwòrán. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ àmì rẹ̀, mo yan Properties, Compatibility, lẹ́yìn náà Change high DPI settings. Mo fi àmì sí Override high DPI scaling behavior. Mo kọ́kọ́ yan Application, ọ̀rọ̀ sì tún padà kéré gan-an. Nígbà tí mo yan System (Enhanced), tí mo pa ètò náà tí mo tún un ṣí, lẹ́tà rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán kéékèèké inú rẹ̀ ṣì ṣú díẹ̀.

Ó ku puròjẹ́kítọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Mo kọ́ wọn láti tẹ Windows pẹ̀lú P, kí wọ́n yan Extend, nítorí ní Duplicate ojú méjèèjì yóò máa lo ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ àpótí 2 ní Display, kí wọ́n fi tirẹ̀ sí 100%. Ti láptọ́ọ̀pù á dúró ní 250%. Bí ètò máàkì bá ṣú nígbà tí wọ́n bá fà á sórí puròjẹ́kítọ̀, kí wọ́n gbé e padà sórí láptọ́ọ̀pù.