Bátìrì Ọkọ̀ Lórí Ínfátà: Ohun Tí Mo Bá ní Ìtòkú

Iṣẹ́ ínfátà ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Oníbàárà mi kan, ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú, pè mí pé bí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, ínfátà òun kì í lò tó wákàtí kan mọ́ tó fi ń ké. Nígbà tí mo débẹ̀, bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù, 100Ah, ni mo bá lábẹ́ tábìlì. Ah ni iye iná tí bátìrì lè gbà, áńpíà lọ́nà wákàtí. Ọmọ wọn tó ń wa ọkọ̀ ló gbé e wá ní tuntun, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mélòó kan.

Mo ní, "Màmá, bátìrì yìí kọ́ ló yẹ ínfátà."

Wọ́n ní, "Ṣebí 12 fóòtì náà ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. 12 fóòtì ni méjèèjì, òjé àti ásíìdì ló sì wà nínú méjèèjì. Pléètì inú wọn ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Mo fi mítà wọn bátìrì náà, ó kà 12.6. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ó kún. Mo wá tan fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n, mo sì tẹjú mọ́ mítà: kò pẹ́ rárá tó já wálẹ̀ sí 11, ó sì tún ń lọ. Fóòtì tí bátìrì bá gbé nígbà tí kò ṣiṣẹ́ kì í sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Mo ṣí ìdérí, mo fi haidirómítà fa ásíìdì. Èyí tó yẹ kó mọ́ gaara ṣú dúdú bíńtín, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ń yí nínú igo. Ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn o, ara pléètì ló ń já bọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe bátìrì ọkọ̀ fún ni kó tú iná púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe to ọ̀pọ̀ pléètì tínrín sínú rẹ̀, tí òjé ara wọn ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn, kí ásíìdì lè kan ibi tó pọ̀. Bí sítátà bá fa 200 áńpíà fún ìṣẹ́jú àáyá 3, iná tó lọ kò tó 0.2Ah, ọltanétọ̀ tó ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ á sì tètè dá a padà. Ẹ wá wo ti Màmá: fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n ń jẹ nǹkan bíi 150 wáàtì. Tí a bá ro èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, ó tó 14 áńpíà. Ní wákàtí 5, 70Ah ti lọ nínú 100. Iná alẹ́ kan yẹn ju ti ìgbà 400 tí wọ́n ṣíná ọkọ̀ lọ!

Bí iná bá ṣe ń jáde, òjé ara pléètì pọ́sítíìfù máa ń wú. Tí a bá ṣáàjì í, á tún sún kì. Pléètì tínrín kò lè fara da irú èyí ní alaalẹ́. Òjé á máa tú kúrò lára rẹ̀, á máa já bọ́ sí ìsàlẹ̀, iná tí bátìrì lè gbà á sì máa dín kù. Ṣáàjì kankan kò lè dá a padà.

Bátìrì túbúlà 200Ah ni mo ní kí wọ́n rà. Pléètì tirẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n nípọn, òjé wọn sì ki. Inú àpò híhun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni òjé pọ́sítíìfù wà, àpò yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè já bọ́. 70Ah nínú 200 kò sì tó ìdajì. Mo pa ínfátà, mo kọ́kọ́ tú nẹ́gẹ́tíìfù, mo gbé ti àtijọ́ kúrò. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo gbé tuntun sí, torí ó máa ń tú gáàsì tó lè gbiná tó bá ń ṣáàjì, aṣọ sì kún abẹ́ tábìlì yẹn. Mo wá yí bọ́tìnnì ẹ̀yìn ínfátà kúrò lórí SMF, ìyẹn ti bátìrì tí wọ́n dì pa, sí Tubular.

Ọmọ wọn wọlé bá wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí eléyìí bá lágbára tó báyìí, ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kí n gbé sínú ọkọ̀?" Mo ní rárá. Pléètì tó nípọn kò jẹ́ kí ásíìdì tètè dé inú òjé, ibi tí wọ́n ti ń kanra kò sì pọ̀. Bí sítátà bá béèrè iná ńlá lójijì, fóòtì á já, ẹ́ńjìnnì á kàn máa yí jẹ́jẹ́ láì dáhùn. Mo ní tó bá fẹ́ ra ti ọkọ̀, kó wo CCA lára rẹ̀, ìyẹn iye áńpíà tó lè tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ṣíná ọkọ̀ nínú òtútù. Ti ínfátà, Ah ni kó wò.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó láti alẹ́ tó sì ti sinmi, mítà kà nǹkan bíi 12.4.